Òpó Wo Ló Ru Ilé? Bí Mo Ṣe Tún Ìwé Kà fún Ìdánwò Ìtàn Ilé Kíkọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó ṣe ìdánwò ìtàn ilé kíkọ́ kí n tó yege nínú rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, máàkì 34 nínú 100 ni mo gbà, iṣẹ́ náà sì di kárí-ófà tí ó wà lọ́rùn mi fún odidi ọdún kan. Ohun tí wọ́n kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó àwọn ará Gíríìsì, ó sì parí sórí ilé onírin àti onídígí ti ọ̀rúndún 20, ìrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 2,400. Wákàtí mẹ́ta ni ìdánwò náà. Ní apá kìíní, wọn a fi àwòrán ilé mẹ́wàá hàn wá lára ògiri, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ orúkọ ilé náà, ibi tí ó wà, ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ, ẹni tí ó yàwòrán rẹ̀, àti ohun tí a fi dá a mọ̀. Ní apá kejì, wọn a kó ilé méjì pọ̀, wọn a ní kí a fi ọ̀kan wé èkejì. Apá kejì yìí ni máàkì pọ̀ sí jù.

Ọ̀nà tí mo gbà kàwé lọ́dún àkọ́kọ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ní, mo ṣí ìwé láti ojú ewé kìíní, mo sì ń kà á lọ bí ẹni ka ìtàn ọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò sórí Gíríìsì nìkan, nítorí pé gbogbo èékánná òkúta tí ó wà lára òpó Dọ́ríìkì ló ní orúkọ, mo sì rò pé ẹni tí ó bá mọ gbogbo orúkọ náà lórí ti mọ òpó. Nígbà tí ó ku alẹ́ méjì, mi ò tíì kúrò ní ìgbà Maikẹláńjẹ́lò, ayàwòrán ilé ọ̀rúndún 16. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ni mo fi ka ọdún 400 tí ó kù, torí kò síná.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù wáyé ní apá kìíní. Wọ́n fi àwòrán ilé ìjọsìn kékeré kan hàn wá, rìbìtì ni, òpó 16 yí i ká, òrùlé rẹ̀ sì rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí mo ti rí òpó, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: tẹ́ńpìlì àwọn ará Róòmù ìgbàanì, nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn tí a bí Jésù. Témúpíẹ́tò ti Bìràmáńtè ni, tí wọ́n kọ́ sí Róòmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16. Mo fi ọdún 1,400 ṣìnà. Kì í ṣe pé mi ò mọ òpó náà o; mo dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, mo sì gba máàkì kan fún un. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òpó kì í sọ ìgbà tí a kọ́ ilé. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń yá òpó àwọn ará àtijọ́ lò, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ó ń rán an.

Ẹ̀gbọ́n kan tí ó fi ọdún méjì ṣíwájú mi ní sítúdíò wa ló là mí lójú. Ó bá mi níbi tí mo ti ń há ọdún àti orúkọ sórí, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì bi mí pé, "Àbúrò, nínú gbogbo ilé tó o kọ síbí yìí, tí wọ́n bá yọ òpó wọn kúrò, kí ló máa wó?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó ní, "Lọ wá ìdáhùn ìyẹn ná, kó o tó há ọdún."

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ṣe ètò àtúnkà mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo fún ara mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì yan ilé méjìlá péré nínú nǹkan bí 80 tí ó wà nínú ìwé, méjì fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti ilé gíga Sígíráàmù ní Niú Yọ́ọ̀kì àti Fílà Sàfúà lẹ́bàá Párísì. Gbọ̀ngàn tọ́báìnì ti AEG, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan ní Bẹ̀líìnì, àti Kírísítà Pálẹ́ẹ̀sì ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni mo wá ń padà sẹ́yìn títí mo fi dé Kòlósíọ́mù, ilé ìworan àwọn ará Róòmù, àti Paténónì, tẹ́ńpìlì àwọn ará Gíríìsì, ní ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ibi tí ènìyàn bá kà kẹ́yìn ni àárẹ̀ máa ń bá a, mo sì ti mọ̀ pé Gíríìsì kò ní tètè kúrò lórí mi. Ó tún ní èrè kan tí mi ò retí: nígbà tí mo fi máa dé Paténónì, mo ti mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò dà, mo sì mọ ohun tí mò ń wá lára rẹ̀.

Láràárọ̀, kí n tó ṣí ìwé, mo máa ń ya ilé kan láti inú orí mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í ṣe ojú ilé ni mò ń yà. Mo ń ya ilé náà bí ẹni pé a là á sí méjì bí obì, kí inú rẹ̀ hàn, kí a lè rí ibi tí ẹrù òrùlé gbà dé ilẹ̀. Ojú ilé lè parọ́, àmọ́ bí a bá là á, ó di dandan kó jẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ṣí ìwé, mo sì fi báírò pupa tún ibi tí mo ti ṣì í yà. Bí pupa bá ti pọ̀ ju dúdú lọ, ilé náà tún padà wá lọ́la.

Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta ń wọlé ni mo tún mú àwọn irú òpó, ìṣẹ́jú 15 lálaalẹ́, nítorí kò sí bí a ṣe lè sọ ohun tí wọ́n fi òpó ṣe láìmọ irú òpó tí ó jẹ́. Ohun kan tí mo yí padà níbẹ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe jù. Gbogbo wa ni a máa ń kọ́kọ́ wo orí òpó: bí orí náà bá jẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, Dọ́ríìkì ni; bí ó bá ká bí ìwo àgbò, Ayọ́níìkì ni; bí ewé bá bò ó, ti Kọ́ríńtì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwòrán tí a yà láti òkèèrè kì í jẹ́ kí orí òpó hàn dáadáa, òkúta àtijọ́ náà sì ti jẹ dànù lọ́pọ̀ ibi. Mo wá kọ́ ara mi láti máa ti ẹsẹ̀ kà á lọ sókè. Bí òpó bá dúró lórí ilẹ̀ gbalaja láìní ìtìsẹ̀, Dọ́ríìkì àwọn ará Gíríìsì ni. Bí ó bá ní ìtìsẹ̀, mo gòkè lọ wo ara rẹ̀: Dọ́ríìkì sábà máa ń ní ojú ihò gígùn 20 tí etí wọn pàdé ní ṣóńṣó bí ojú ọ̀bẹ, Ayọ́níìkì sì sábà máa ń ní 24, tí ìlà pẹlẹbẹ kékeré sì ń ya ọ̀kan nípa sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo máa wo ìgbànú òkúta tí ó wà lókè àwọn òpó. Bí òkúta onílà mẹ́ta bá ń tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀ pẹ̀lú àlàfo láàárín, Dọ́ríìkì ni, ohun yòówù kí ẹsẹ̀ òpó wí.

Ìgbànú yìí ló yẹ kí n wò lára ilé Bìràmáńtè. Àwọn òpó rẹ̀ ní ìtìsẹ̀, ara wọn sì ń dán láìsí ihò kankan, nítorí náà ẹsẹ̀ àti ara kò lè sọ ohun gidi fún ènìyàn. Àmọ́ òkúta onílà mẹ́ta wà lókè. Àwọn ará Róòmù ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtìsẹ̀ sábẹ́ Dọ́ríìkì. Nítorí náà, òfin ẹsẹ̀ dára fún Gíríìsì nìkan, kò sì yẹ kí ènìyàn gbé e kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi, kí n fi ilé díẹ̀ dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe dáhùn rẹ̀ nínú ìwé mi. Ní Paténónì, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 447 sí 432 kí a tó bí Jésù, òpó mẹ́jọ ló wà níwájú, 17 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá yọ wọ́n, etí òrùlé yíká-yíká yóò wá sílẹ̀, pẹ̀lú igun onígun mẹ́ta ti iwájú àti ti ẹ̀yìn àti gbogbo ère tó wà nínú wọn. Yàrá òrìṣà inú lè ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ohun tí a ń pè ní Paténónì ti lọ.

Nígbà tí a bá dé Kòlósíọ́mù, tí wọ́n ṣí ní ọdún 80 lẹ́yìn tí a bí Jésù, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìpele mẹ́ta ti ìsàlẹ̀ ní áàṣì 80 lọ́kọ̀ọ̀kan, òkúta títẹ̀ tí ẹrù ń gba orí rẹ̀ ṣàn lọ sórí ògiri nínípọn tí ó wà láàárín wọn. Ìdajì òpó ló lẹ̀ mọ́ iwájú ògiri wọ̀nyí: ti Tọ́síkánì, irú Dọ́ríìkì àwọn ará Róòmù, nísàlẹ̀, Ayọ́níìkì ní àárín, ti Kọ́ríńtì lókè rẹ̀. Bí a bá fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé gbogbo ìdajì òpó náà dànù, ilé náà yóò dúró bó ṣe wà. Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń ka ilé náà fún ẹni tí ó ń wò ó. Ògiri tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 48 tí kò ní òpó lára ì bá dà bí àpáta. Àwọn òpó yẹn ló pín in sí ìpele tí ojú lè bá lọ. Láti ibí ni òpó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu, tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mọ́. Ibí yìí ló sì yẹ kí n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ṣòfò sórí Gíríìsì.

Ilé ìdílé Rùṣẹláì ní Fílọ́réńsì, tí Alibẹ́ẹ̀tì yàwòrán ojú rẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún 15, ti ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Kòlósíọ́mù ni ó wò ṣe é, ìpele mẹ́ta pẹ̀lú irú òpó mẹ́ta, àmọ́ kò tilẹ̀ sí ìdajì òpó níbẹ̀ mọ́. Òpó pẹlẹbẹ tí kò yọ síta ju ìka ọwọ́ díẹ̀ lọ ló wà lára ògiri. Ẹni tí ó bá ti rìn ní Pópó Àgùdà ní Èkó yóò ti rí irú rẹ̀ lára ilé àwọn tí ó ti Bùràsíìlì padà wá, níbi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ òpó mọ́ iwájú ilé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ti Fílọ́réńsì ni àwọn ìlà tí ó ya òkúta kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Bí a bá sún mọ́ ọn, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ìlà wọ̀nyí kì í ṣe ibi tí òkúta gidi ti pàdé. Ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ẹ sójú òkúta kí ó lè dọ́gba. Ní apá ọ̀tún, ojú ilé náà kàn gé pàrà ni, etí rẹ̀ rí kánkàn-kàǹkàn, nítorí wọn kò parí rẹ̀. Etí yẹn ni mo máa ń yà láràárọ̀, torí ibẹ̀ ni a ti rí i gbangba pé awọ ni gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè náà sì tún ṣiṣẹ́ nígbà tí a dé orí irin. Ní 1909, Bérénsì yàwòrán gbọ̀ngàn tí AEG ti ń ṣe tọ́báìnì. Bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ̀, ohun tí yóò rí ni igun méjì ńláńlá tí ó dà bí òkúta tí a tò lé ara wọn, tí wọ́n sì dà bí ẹni gbé ojú òrùlé wíwúwo lọ́wọ́. Bíi Paténónì gan-an. Kọnkéré tín-ín-rín ni igun méjèèjì, wọn kò sì ru ohunkóhun. Àwọn tí ó ru òrùlé ni òpó irin tí ó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí a sì fi ibi tí a ti so wọ́n mọ́ ìdí wọn hàn gbangba nítòsí ilẹ̀, ní gíga tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Nítorí náà, nínú ilé kan ṣoṣo, òtítọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìtàn sì wà níwájú. Mo kọ gbólóhùn yẹn sí ẹ̀yìn ìwé mi.

Sígíráàmù ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé alájà 38 ni, Míìsì fan dẹ̀ Róò ló yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú Fílípì Jọ́ńsìnì, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1958. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé òtítọ́ irin ni Míìsì ń wá. Ṣùgbọ́n òfin iná ní Niú Yọ́ọ̀kì kò gbà kí irin tí ó ru ilé wà níhòòhò. Kọnkéré gbọ́dọ̀ bò ó. Ó bá gbé ọ̀pá idẹ tí ó ní ìrísí irin tí a fi ń kọ́lé, ó fi wọ́n kọ́ iwájú dígí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n ń ran férémù dígí lọ́wọ́ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa tì í, ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbogbo wọn, alájà 38 náà yóò dúró. Kòlósíọ́mù ni ó padà wá yẹn, tí ó wọ aṣọ idẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti so méjèèjì pọ̀ báyìí ni àárín 80 sí 1958 ti dẹ́kun láti máa jẹ́ igbó ọdún fún mi.

Ìbéèrè náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ẹni tí ó bá sì gbé e wọ ibi gbogbo yóò pàdánù máàkì. Ní ilé ìjọsìn àtijọ́ Hágíà Sófíà àti ní kàtídírà Ṣátírì, kì í ṣe òpó ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, bí kò ṣe agbára tí òrùlé òkúta fi ń ti ògiri síta. Ìbéèrè tí mo lò níbẹ̀ ni pé: ta ló ń tì í padà? Ní Hágíà Sófíà, tí wọ́n parí ní 537, ìdáhùn kò pé nígbà náà, nítorí apá kan òrùlé náà wó ní 558. Ní Ṣátírì, apá òkúta tí ó na síta láti ara ilé ló ń tì í. Ní ìjọ kékeré Sáń Kálò tí Bòròmíínì kọ́ sí Róòmù, ìbéèrè méjèèjì kò wúlò rárá. Ibi tí ògiri ń wú tí ó sì ń wọnú bí ìgbì omi ni kí ènìyàn máa tọ̀ lọ. Mi ò lo ju ọjọ́ méjì lọ sórí rẹ̀, mo sì jẹ gbèsè rẹ̀ nígbà tó yá.

Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rẹ́ mi kan máa ń dán mi wò. Yóò gé àwòrán ilé lórí fóònù rẹ̀ títí tí ìdá kan nínú mẹ́rin yóò fi kù, ẹsẹ̀ òpó kan péré tàbí igun kan, yóò sì ka ìṣẹ́jú mẹ́ta. Sátidé kìíní, mo mọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Mo ti mọ̀ pé mẹ́fà nínú méje tí mo pàdánù jẹ́ ibi tí mo ti kọ ọdún kí n tó wo ilé náà tán, nítorí náà mo fi òfin lélẹ̀ pé ìṣẹ́jú kìíní kì í ṣe ti ìkọ̀wé, wíwò lásán ni.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ìbéèrè apá kejì tí mo mú ni kí a fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àtijọ́ tí Ṣíńkẹ̀lì kọ́ sí Bẹ̀líìnì wé Fílà Sàfúà ti Lè Kọ̀búsíè. Òkìkí tí ó wà láàárín wa ni pé ìdáhùn rọrùn: ọ̀kan ń tẹ̀ lé àtijọ́, èkejì ń kọ àtijọ́ sílẹ̀. Mo kọ òdìkejì rẹ̀. Mo ní ilé Ṣíńkẹ̀lì, tí wọ́n parí ní 1830, ní òpó Ayọ́níìkì 18 níwájú, ṣùgbọ́n bí a bá yọ wọ́n, gbọ̀ngàn iwájú nìkan ni yóò wó; ògiri ló ru ìyókù, títí kan yàrá rìbìtì inú rẹ̀ tí ó wo Páńtíọ́nì, tẹ́ńpìlì rìbìtì ti Róòmù, ṣe, tí a kò sì lè rí láti ìta. Fílà Sàfúà, tí wọ́n kọ́ láàárín 1928 sí 1931, kò ní ewé tàbí ìwo àgbò kankan lórí òpó kọnkéré rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá yọ wọ́n, ilé tán. Bí a bá sì yọ ògiri rẹ̀, ilé yóò dúró. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé rẹ̀ fi lè ta tẹ́ẹ́rẹ́ láti igun dé igun láìdúró. Mo fi kún un pé Lè Kọ̀búsíè fúnra rẹ̀ to àwòrán Paténónì mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán mọ́tò nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1923, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ó gbàgbé Gíríìsì. Mo ya méjèèjì ní lílà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọfà kékeré sì ń tọ́ka sí ibi tí ẹrù gbà dé ilẹ̀.

Mo gba 63. Nígbà tí mo gba ìwé ìdáhùn mi wò, mo rí i pé máàkì tí mo pàdánù ní apá kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìgbà Sáń Kálò tán: àwòrán ilé mẹ́ta ti ọ̀rúndún 17 ni wọ́n fi hàn wá, mi ò sì mọ̀ ju ọ̀kan lọ. Mo ti fún àbúrò kan tí yóò ṣe ìdánwò náà lọ́dún yìí ní ìwé ètò mi. Mo fi báírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ó dín ọjọ́ ilé Ṣíńkẹ̀lì kù, kí ó fi ọjọ́ mẹ́ta kún ti Bòròmíínì.